Bọ́tìnnì tó ń sá pamọ́ nínú Word: bí a ṣe lè kó èyí tá a ń lò jù sítòsí ọwọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé, ìwé ètò ìsìnkú ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kí nọ́ńbà ẹsẹ orin tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, àfi kí n máa wá ibi tí Word fi í pamọ́ sí. Ẹnì kan ní mo lè gbé e sókè, kí n kàn máa tẹ Alt. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Òótọ́ lonítọ̀hún sọ fún ọ, àbúrò mi. Wo òkè pátápátá lójú Word, ní ìlà tí orúkọ fáìlì wà. Àwọn bọ́tìnnì wínníwínní tó tò síbẹ̀, tí Save àti Undo wà lára wọn, ni Word ń pè ní Quick Access Toolbar. Láti ìgbà Word 2007 ló ti wà. Pátákó fífẹ̀ tó ní Home, Insert àti Layout ni wọ́n ń pè ní Ribbon. Ohun tó wà lórí Ribbon máa ń yí padà bó o bá ti kúrò ní Home bọ́ sí Layout, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kékeré yẹn kì í kúrò níbi tó wà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bí o kò bá rí i rárá, má bẹ̀rù, àwọn Word tuntun kan máa ń gbé e pamọ́. Fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orí Ribbon, kó o sì yan Show Quick Access Toolbar.

Ó yá, jẹ́ ká gbé tìẹ wá. Fi kọ́sọ̀ sórí ẹsẹ orin kan tó ti ní nọ́ńbà, torí pé bí kọ́sọ̀ bá wà níbi tí kò sí nọ́ńbà, àṣẹ yẹn lè ṣú láìṣeé tẹ̀. Lọ sí Home, tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì nọ́ńbà. Nísàlẹ̀ mẹ́nù tó bá já sílẹ̀, wàá rí Set Numbering Value. Má ṣe tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì ni kó o fi tẹ̀ ẹ́, kó o wá yan Add to Quick Access Toolbar. Ojú ẹsẹ̀ ló máa fò lọ sókè, yóò sì dúró sí ìparí ọ̀wọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Alt ló wá kàn. Tẹ Alt lẹ́ẹ̀kan, kó o fi í sílẹ̀, kó o wo òkè. Wàá rí nọ́ńbà kéékèèké lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn kò bá orúkọ bọ́tìnnì tan, ipò tó dúró sí ló ń tẹ̀ lé. Èyí àkọ́kọ́ lápá òsì ni Alt+1, èyí tó tẹ̀ lé e ni Alt+2, títí dé Alt+9. Lẹ́yìn ìyẹn, Word á bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní 09, 08 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà méjì ni wàá wá máa tẹ̀ tẹ̀ léra lẹ́yìn Alt. Nítorí náà, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ìjókòó tó níyì. Nọ́ńbà tó tò sókè lẹ́tà ni kó o máa lò o. Bó o bá di Alt mú, tó o wá tẹ nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, àmì àjèjì lè bọ́ sínú ìwé rẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í nìyí: wọ́n á máa kó bọ́tìnnì jọ láìtò wọ́n. Save, Undo àti Redo ló sábà máa ń jókòó síwájú, àwọn mẹ́ta yìí sì ti ní Ctrl+S, Ctrl+Z àti Ctrl+Y tí gbogbo wa mọ̀. Kí ni wọ́n tún ń fi Alt+1 ṣe? Tèmi ni pé ohun tó bá ti ní Ctrl tó o mọ̀ lórí, kó fún ẹlòmíì láyè. Fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó o yan Remove from Quick Access Toolbar. Kò sí ohun tó bàjẹ́, àṣẹ náà ṣì wà níbi tó ti ń bọ̀.

Láti tò wọ́n, lọ sí File, Options, lẹ́yìn náà Quick Access Toolbar. Àpótí méjì ló máa hàn: èyí tó wà lósì ni ọjà, èyí tó wà lọ́tùn-ún ni ohun tó o ti rà. Ọfà òkè àti ọfà ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ọ̀tún lo máa fi sún wọn. Lókè àpótí òsì, ibi tí wọ́n kọ Choose commands from sí, yan Commands Not in the Ribbon, kó o rí àwọn àṣẹ tí kò sí lórí Ribbon rárá. Ibẹ̀ ni mo ti rí Print Preview Edit Mode, tó ń jẹ́ kí n wo bí ojú ìwé ṣe máa jáde lórí bébà, tí mo sì tún lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe to tèmi fún ètò ìsìnkú nìyí. Set Numbering Value ni Alt+1, Format Painter ni Alt+2, Page Setup ni Alt+3, Print Preview Edit Mode ni Alt+4. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní orin àkọ́kọ́ ní ẹsẹ mẹ́rin. Nígbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ orin kejì, Word lè fún ẹsẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 5. Fi kọ́sọ̀ sórí 5 yẹn, tẹ Alt+1, rí i pé Start new list ni a yàn àti pé 1 ló wà nínú àpótí, kó o tẹ Enter. Ó parí, ìwọ kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá tó àkókò láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 tí wọ́n máa ṣẹ́ po sí méjì, Alt+3 gbé ọ dé Page Setup. Ní Margins, níbi Multiple pages, yan Book fold, Word yóò sì fúnra rẹ̀ to ojú ìwé bí ìwé pẹlẹbẹ ṣe ń tò. Ka ojú ìwé rẹ kó o tó tẹ̀ ẹ́ o. Bí kò bá ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ojú ìwé òfìfo máa wà nínú rẹ̀.

Bí ìka rẹ bá ti mọ ọ̀nà, má ṣe fi bọ́tìnnì tuntun sáàárín wọn mọ́, torí gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa pààrọ̀ nọ́ńbà. Ẹ̀yìn ni kí tuntun máa tò sí. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà kan, mo fi Quick Print sí ipò kejì, Format Painter sì sún kúrò ní Alt+2 tí mo ti mọ̀ ọ́n sí. Mo tẹ Alt+2, mo rò pé fọ́ọ̀màtì ni mo ń gbé, àfi bí píríńtà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà jáde. Quick Print kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Odidi ìwé ló máa ń rán lọ sí píríńtà tó bá wà nílẹ̀. Ètò tí ẹbí ò tíì yẹ̀ wò, àwòrán olóògbé aláràbarà ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, íǹkì mi sì lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi Quick Print síbi tí ìka ti lè ṣèèṣì kàn án.

Ìbéèrè: Mo gbìyànjú láti fi Set Numbering Value yẹn sínú Home gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bold, kó lè tóbi lójú mi. Word kọ̀ jálẹ̀. Ṣé Word tèmi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Inú yàrá tí Word fúnra rẹ̀ kọ́, a kò lè gbé àga tiwa wọ ibẹ̀, a kò sì lè yọ àga kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń sọ fún ọ pé Commands need to be added to custom groups. Ohun tó fẹ́ ni pé kó o kọ́ yàrá tìẹ.

Lọ sí File, Options, Customize Ribbon. Nínú àpótí ọ̀tún, tẹ Home, kó o tẹ New Group nísàlẹ̀. Yàrá tuntun yọ nìyẹn, tí wọ́n kọ Custom sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ Rename, kó o sọ ọ́ lórúkọ. O lè pè é ní Orin, tàbí kó o fi àmì ohùn kọ Ìsìnkú, Word máa gbà á bẹ́ẹ̀. Rí i pé yàrá náà ṣì ni a yàn, kó o yan àṣẹ rẹ lápá òsì, kó o tẹ Add. Láti Word 2010 nìyí ti ṣeé ṣe. Bí Word 2007 bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, Quick Access Toolbar nìkan lo lè tún tò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Home ti kún. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá kéré, Word lè ká yàrá rẹ mọ́ra di bọ́tìnnì kan ṣoṣo, wàá sì tún máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí. Bí àṣẹ rẹ bá ju mẹ́fà tàbí méje lọ, New Tab sàn jù, kí tìẹ dá dúró.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ti ra kọ̀ǹpútà míì fún mi, kò sí ìkankan nínú ohun tí mo tò níbẹ̀. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Inú kọ̀ǹpútà ni ètò rẹ wà, kì í ṣe inú ìwé tó ò ń tẹ̀. Padà sórí ti àtijọ́. Níbi Customize Ribbon yẹn náà, nísàlẹ̀, tẹ Import/Export, kó o yan Export all customizations. Fáìlì kékeré kan tó parí sí `.exportedUI` ló máa fún ọ, kó o gbé e sórí fíláàṣì. Lórí ti tuntun, tẹ Import/Export, Import customization file, kó o fi fáìlì náà hàn án.

Dúró díẹ̀ níbẹ̀. Word máa béèrè bóyá kí ó fi tìẹ rọ́pò gbogbo ètò tó bá lórí kọ̀ǹpútà náà. Rírọ́pò ló ń ṣe, kì í ṣe àfikún. Bó bá jẹ́ tìẹ nìkan ni, tẹ Yes. Bó bá jẹ́ pé ìwọ àti ẹlòmíì lẹ jọ ń lò ó lábẹ́ orúkọ kan náà, kọ́kọ́ Export tirẹ̀ pamọ́, kó o sọ fáìlì náà lórúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kó o tó gbé tìẹ wọlé. Bó bá kan òun láti jókòó, kó o bá a gbé tirẹ̀ padà.