Ìdákẹ́ ẹni tó ti ogun bọ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ ogun, ẹni tó ti ogun bọ̀ kì í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Òǹkọ̀wé wá ní láti jẹ́ kí ọgbẹ́ ọkàn náà yọjú níbòmíràn: nínú ara onítọ̀hún, nínú àlá rẹ̀, tàbí nínú ohun kékeré kan tó ń já a láyà. Àpẹẹrẹ tó hàn kedere ni Billy Prior nínú Regeneration, tí Pat Barker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1991.

Ọdún 1917 ni ìtàn náà wáyé, ní ilé ìwòsàn Craiglockhart lẹ́bàá Edinburgh, níbi tí dókítà W. H. R. Rivers ti ń tọ́jú àwọn ọ̀gá ológun tí ogun ti da ọkàn wọn rú. Ilé ìwòsàn àti dókítà yìí wà lóòótọ́. Àròsọ ni Prior. Kò lè fọhùn nígbà tó dé, inú ìwé ló ti ń kọ èsì rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ẹnu mímú ló fi ń lé dókítà sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ti pa rẹ́ nínú iyè rẹ̀.

Àìsàn ni òǹkàwé kọ́kọ́ rí, ìdí rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tí Rivers mú Prior wọ ipò tó dà bí oorun ni ìrántí náà tó jáde. Ọmọ ogun méjì ń dáná oúnjẹ àárọ̀ nínú kòtò ogun. Prior kọjá lára wọn, kò tíì rìn jìnnà tí ọta ńlá fi balẹ̀ lé wọn lórí. Ó ń fi ṣọ́bìrì kó ohun tó ṣẹ́ kù lára wọn sínú àpò nígbà tó rí ẹyinjú kan nílẹ̀. Ó mú un, ó pè é ní súìtì, ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yìn èyí ni ohùn rẹ̀ lọ.

Ibi tí ìwé yìí ti yàtọ̀ ni pé ìrántí ò wo Prior sàn. Ńṣe ló bínú, ó béèrè bóyá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi ikú àwọn ènìyàn òun. Nínú ìwé kejì, The Eye in the Door (1993), ojú tí wọ́n kùn yí ihò ìyọjúwò ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ká tó láti dá ẹyinjú yẹn padà sí i lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn ti ń kùnà nìyí: akọni á sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà àlá burúkú á dáwọ́ dúró, ọwọ́ ò sì ní gbọ̀n mọ́. Kí a kàn wò ó bóyá àmì àìsàn ṣì wà lójú ewé tó tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́.

Barker tún fi sísọ̀rọ̀ tipátipá hàn. Ní London, dókítà Yealland ń fi iná mànàmáná sí ọ̀fun Callan, ọmọ ogun tó ti ya odi, títí ó fi fọhùn. Kò bi í léèrè ohun tó rí lójú ogun. Ńṣe ló ní kí ó dúpẹ́.