"Ó ti bàlágà": kí ni a ń sọ gan-an?

Wọ́n pín ìwé pélébé kan fún wa níbi ìpàdé àwọn òbí ní Muṣin, wọ́n ní ká fi bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti pàdé "ìbàlágà aláìbágbàmu". Ìyá kan tó jókòó tì mí, tó ń ta èlùbọ́, na ìka sí i, ó ní, "Bùrọ̀dá, àrùn wo nìyí?" Kì í ṣe àrùn kankan. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ ni pé àwọn ọmọ kan máa ń tètè bàlágà, ó sì máa ń pẹ́ kí àwọn mìíràn tó bàlágà. Gbólóhùn méjèèjì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ gbẹ́ ère tí ẹnikẹ́ni kò ní bọ.

Àwọn kan ní ká yáa máa pè é ní púbátì, bíi pé a kò ní ẹnu tiwa. Àwọn mìíràn fara mọ́ "ìgbà ìdàgbàsókè", ọ̀rọ̀ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ wa tipẹ́ fún títì àti afárá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kò gbà ju "ìtójúúbọ́" lọ, a sì ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí tí ìyàwó rẹ̀ fi ní ká lọ fà á níta. Ọmọ tó tójúúbọ́ ni ọmọ tó gbọ́n tó láti dá nǹkan ṣe. Ọ̀rọ̀ làákàyè nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè máa yọ ọmú kó má tíì lè fọ abọ́ kó mọ́. Ó wá ní bàlágà kì í ṣe tiwa, pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti wá. Òótọ́ ni. Dídé ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Àlùbọ́sà àti àlàáfíà náà gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, n kò sì tíì rí i kó lé wọn kúrò nínú ọbẹ̀ àti nínú ìkíni rẹ̀.

Ìbàlágà ni mo fara mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń lò ó. Ìgbà tí ọmọbìnrin bá rí nǹkan oṣù rẹ̀, tàbí tí ohùn ọmọkùnrin bá ki, la ń sọ pé ó ti bàlágà, bíi pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló dé. Àmì tó gbẹ̀yìn lèyí. Lára ọmọbìnrin, ọmú tó ń yọ ni ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbàkígbà láti ọdún 8 sí 13. Nǹkan oṣù máa ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún méjì tàbí díẹ̀ sí i. Lára ọmọkùnrin, kóró ẹpọ̀n ló ń kọ́kọ́ tóbi, láàárín ọdún 9 sí 14, ta ló sì ń rí ìyẹn? Irun abíyá àti òórùn ara lè dá wá tiwọn láti ibòmíràn nínú ara, n kò kà wọ́n mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti gbé Muṣin mọ bí iná ṣe ń dé. Wáyà ti wà lára ilé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ara ọmọ. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni iná ti ń wá, wọ́n sì pa á níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n bá máa mú un wá, òru ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wa, ní ìdákúdá: bí ọmọ bá ti sùn, ọpọlọ á tu họ́mọ́ọ̀nù díẹ̀, á dúró, á tún tu díẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé iná wá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọ ojúmọmọ, gílóòbù á sì máa tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpópónà kan lè ní iná kí èyí tó tẹ̀ lé e ṣì wà lókùnkùn, kó má sì sí nǹkan tó bàjẹ́ níbì kankan. Ohun tí ọmọ jogún ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀: ọmọbìnrin tó sanra sábà máa ń ṣáájú, èyí tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú a sì máa pẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so "àìtọ́jọ́" mọ́ gbogbo ọmọ tó bá ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ikú ló ń rán wa létí. Ẹ jẹ́ ká fi pa mọ́ fún ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 8 àti ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé 9, torí ilé ìwòsàn ni ti àwọn yẹn.

Nínú àgbàlá wa, ọmọkùnrin méjì wà tí wọ́n bí nínú oṣù kan náà. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó ku oṣù méjì kí wọ́n pé ọdún 14, ọ̀kan ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti ki, àwọn àgbà sì ti ń fi owó rán an níṣẹ́. Wọ́n fi í ṣe kápútéènì bọ́ọ̀lù àdúgbò. Èkejì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ bàtà. Kò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì rẹ́rìn-ín sókè, nítorí ohùn. Kò pẹ́ tó fi ń bá àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣeré. Wọn kò jà, wọ́n kàn ń dá lọ sílé ẹ̀kọ́ ni. Ìyá èkejì yìí ní wọ́n ti fi ọwọ́ ayé kan ọmọ òun, ó ń se àgbo.

Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan títí mo fi bi í léèrè nípa tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó gbé fọ́tò àwọn tó jọ jáde ìwé mẹ́wàá wá. Ọwọ́ iwájú ló wà, láàárín àwọn tó kúrú jù.

Ó di ilé ìwòsàn. Dókítà mú ilẹ̀kẹ̀ méjìlá tí wọ́n sín sórí okùn, láti mílílítà 1 títí dé 25, ó ń fi wọ́n wé kóró ẹpọ̀n ọmọ náà. Èyí tó jẹ́ 4 ni ààlà: ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí jẹ́ 5. Iná ti ń wá lóru, ilé kò tíì mọ̀. Wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́ òsì rẹ̀, ó jọ ti ọmọ ọdún méjìlá, èyí tó túmọ̀ sí pé àyè púpọ̀ ṣì wà fún un láti ga. Gígùn òjijì àti ohùn kíki máa ń pẹ́ tó ọdún kan sí méjì lẹ́yìn ilẹ̀kẹ̀ 4. Ká ní ó pé 14 láìdé ibẹ̀ ni, wọn ì bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lára ọmọbìnrin, ọdún 13 láìsí ọmú ni.

Ti ọmọbìnrin yàtọ̀. Àwọn tó bá tètè bàlágà nínú wọn lọ̀rọ̀ máa ń wọ̀ lọ́rùn. Èyí tó yọ ọmú ní ọdún 8 àbọ̀ á máa fi báàgì bo àyà, olùkọ́ á máa bá a wí bí ẹni ọdún méjìlá, àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kí àwọn ọmọ wọn yẹra fún un. Ó kù kí àwọn tó dàgbà jù ú lọ gbà á lọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n á sì mú un dé ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì dé. Àwọn olùwádìí rí i pé irú wọn máa ń ní ìbànújẹ́ ọkàn ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ara rẹ̀ ti dé, òun alára ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tí mo ń bá ọ̀rẹ́ mi tòun ti ìtójúúbọ́ rẹ̀ jà lé lórí gan-an nìyẹn.

Dókítà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọmọkùnrin wa, ó ní ṣé ó ní ìbéèrè. Ó wo ilẹ̀kẹ̀ náà títí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló ní, "èwo ni ti ọ̀rẹ́ mi?"