“Ẹ̀rí yín dà?” Bí olùjẹ́jọ́ ṣe ń fèsì lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn

Nínú ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ amòfin máa ń ṣe, iṣẹ́ agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ló le jù lójú tèmi. Olùpẹ̀jọ́ kò-tẹ́mi-lọ́rùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó sì máa sọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé. Olùjẹ́jọ́ náà kọ tirẹ̀ wá, àmọ́ bó ṣe dáhùn ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni àwọn adájọ́ máa fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹjọ́ ọ̀hún bá wá jẹ́ ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí ìjọba ń sọ pé òótọ́ ni a dín ẹ̀tọ́ yìí kù, ṣùgbọ́n ó níye tí a dín kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n lo ìbéèrè kan tí mo máa ń fún àwọn tí mo ń kọ́. Àròsọ ni, bí gbogbo ìbéèrè ìdánrawò. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan fẹ́ gba owó ìsọ̀ tuntun lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé àwọn máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti fẹ̀hónú hàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìwọ́de mìíràn, tí kì í ṣe tiwọn, ti dà rú, wọ́n sì kó ẹrù nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ni gómìnà bá lo agbára tí òfin ìpínlẹ̀ fún un, ó fòfin de gbogbo ìwọ́de ní gbogbo olú-ìlú fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta nínú àádọ́rùn-ún yẹn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìsọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé àṣẹ gómìnà, ìjọba sì pẹ̀jọ́ kò-tẹ́mi-lọ́rùn. Àwọn ìyálọ́jà ni olùjẹ́jọ́.

Orí òfin méjì ni gbogbo àríyànjiyàn náà dúró lé. Abala 40 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Abala 45 wá sọ pé ẹ̀tọ́ náà kò lè sọ òfin kan di asán tí òfin ọ̀hún bá bọ́gbọ́n mu láwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa, nítorí ààbò ìlú, ètò ìlú, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ibi tí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti wọlé nìyẹn. Adájọ́ á béèrè bóyá ohun tí ìjọba ń lépa wúwo tó, bóyá àṣẹ náà lè mú un ṣẹ, bóyá ọ̀nà kan wà tó rọjú ju èyí lọ, àti bóyá ìpalára tó ṣe kò ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ló to ìbéèrè wọ̀nyí báyìí nínú ẹjọ́ Oakes ní 1986, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti ń tẹ̀lé e.

Nígbà tí a fi ìbéèrè yìí dánra wò kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró fún ìjọba sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní iná ti jó lẹ́ẹ̀kan, ìjọba kò lè káwọ́ gbera kó tún jó lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa òwe pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ní gómìnà ni àwọn agbófinró ń jábọ̀ fún, kì í ṣe adájọ́, nítorí náà kí ilé-ẹjọ́ bọ̀wọ̀ fún ohun tó rí. Ó sì parí rẹ̀ pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ kì í ṣe títí láé.

Ọmọbìnrin tó máa fèsì dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ̀tọ́ ìpéjọpọ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Mo dá a dúró. Kò sí adájọ́ tó ń jiyàn ìyẹn, olùpẹ̀jọ́ gan-an kò jiyàn rẹ̀. Ohun tí olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ni èwo nínú ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni òun gbà, àti èwo ni òun kò gbà. Dídáàbò bo ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀mí ènìyàn jẹ́ ohun tó wúwo, kó gbà bẹ́ẹ̀ kíá. Fífòfin de ìwọ́de lè dín rògbòdìyàn kù, kó jẹ́ kí ìyẹn náà kọjá. Ẹni tó bá jà lórí gbogbo ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣòfò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fún un, àwọn adájọ́ kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tó bá dé orí ìbéèrè kẹta, níbi tí ẹjọ́ rẹ̀ ti lágbára.

Kí ó tó dé ibẹ̀, ó nílò ìdájọ́ kan tí yóò fi hàn pé òfin tiwa mọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹjọ́ Ọláwóyìn ni mo máa ń tọ́ka wọn sí. J. S. Ọláwóyìn, ọmọ Ọ̀fà, òṣèlú ẹgbẹ́ Action Group, ló gbé ìjọba Ẹkùn Àríwá lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí òfin tó ní kí ọmọdé má ṣe òṣèlú. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní òṣèlú. Ní 1960, Adájọ́ Bate ní ilé-ẹjọ́ gíga Ẹkùn Àríwá sọ pé kí ìdènà tó lè tọ́, ó gbọ́dọ̀ pọn dandan nítorí ètò tàbí ìwà ọmọlúàbí ìlú, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ. Ìlànà tí olùjẹ́jọ́ ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọláwóyìn kò borí. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ ní 1961, wọ́n ní kò tíì sí ohun tí òfin yẹn ṣe fún un tó fi yẹ kó pẹjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìlànà náà láìsọ bí ẹjọ́ ṣe parí, olùpẹ̀jọ́ máa sọ ọ́ fún un nígbà tó bá tún dìde láti fèsì, olùjẹ́jọ́ kò sì ní láǹfààní láti tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó sì fi ìyàtọ̀ hàn: àwọn ìyálọ́jà ti kọ̀wé sí ọlọ́pàá, àṣẹ gómìnà sì dá wọn dúró, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwọn kì í ṣe ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ó yá, ká dé orí ẹ̀rí. Ìwé ìbúra ni wọ́n sábà máa ń fi gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ Ìlànà ti 2009, ìwé ìbúra ìjọba sì ni ibi tí mo ní kí gbogbo olùjẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìbéèrè wa, ọ̀gá ọlọ́pàá kan búra pé “ìròyìn abẹ́nú” fi hàn pé àwọn jàǹdùkú máa wọ inú ìwọ́de ìyálọ́jà. Ó parí síbẹ̀. Abala 115 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní tí ẹni tó búra bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kó dárúkọ ẹni náà, kó sì sọ ìgbà, ibi àti bó ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá kò ṣe ọ̀kan nínú wọn. Èsì sí òwe igi gogoro nìyí: a gbà pé òkèèrè la ti ń wò ó, igi wo wá ni gómìnà rí? Ìwọ́de tó dà rú kì í ṣe ti ìyálọ́jà. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé ìbúra tó so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀.

Adájọ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa wá bi í pé, “Ṣé kí gómìnà ka orúkọ amí rẹ̀ síta ni?” Èsì tó dára ni pé rárá, Olúwa mi, ṣùgbọ́n ìjọba lè sọ irú ìròyìn tó jẹ́, àdúgbò tó kàn, àti ìdí tí wọn kò fi lè dárúkọ. Ọ̀wọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ń bù fún ìmọ̀ aláṣẹ máa ń tẹ̀lé ohun tí aláṣẹ bá fi hàn pé òun gbé yẹ̀ wò. Níhìn-ín, kò fi nǹkan kan hàn.

Orí ọ̀nà tó rọjú ni mo máa ń lo àkókò jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń borí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣubú. Ọmọbìnrin yẹn ní kí ìjọba bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò lè dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù kankan lọ́jọ́ ìwọ́de, adájọ́ á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ọ̀nà tí olùjẹ́jọ́ bá dá gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ìjọba fẹ́ kí àṣẹ rẹ̀ ṣe, tàbí kó sún mọ́ ọn. Ó sì sàn kó jẹ́ èyí tó ti wà nínú òfin. Abala 83 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní tí ẹgbẹ́ kan bá sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de ní gbangba, kí ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde láti dáàbò bò wọ́n. Àwọn ìyálọ́jà kọ ìwé yẹn. Ìjọba kò sọ ìdí tí iṣẹ́ tí òfin gbé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kò fi tó. Bákan náà, ìjọba lè yí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà padà, tàbí kó dín wákàtí kù.

Ìdájọ́ tó ń gbe èyí lẹ́sẹ̀ ni ti Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP, tí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ṣe ní 2007. Ọlọ́pàá ti tú ìwọ́de ẹgbẹ́ náà ká ní Kánò ní oṣù kẹsàn-án 2003 nítorí pé wọn kò gba ìwé àṣẹ. Adájọ́ Olúfúnlọ́lá Adékẹ́yẹ, tó ka olórí ìdájọ́, ní tí ẹ̀rù bá ń ba agbófinró pé àlàáfíà máa dà rú, òfin ìwà ọ̀daràn ti ní ìjìyà tó tó fún ẹni tó bá dà á rú, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ìwé àṣẹ dí ìpéjọpọ̀ lọ́nà. Ní ti ẹjọ́ yẹn, ìwé àṣẹ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ní tiwa, kò tilẹ̀ sí àyè láti tọrọ àṣẹ.

Kí olùjẹ́jọ́ má wá sọ pé ọ̀nà tó fúyẹ́ jù lọ láyé ni ìjọba gbọ́dọ̀ lò. Adájọ́ á fà á létí. Ó tó kó sọ pé àwọn ọ̀nà tó rọjú wà, pé ìwé ìbúra kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni wò wọ́n rárá, àti pé gbogbo olú-ìlú fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ kò bá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní àdúgbò kan mu.

Ìbéèrè kẹrin kúrú, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka déètì. “Kì í ṣe títí láé,” ni olùpẹ̀jọ́ wí. Ṣùgbọ́n owó ìsọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀ fún oṣù kan kí àṣẹ náà tó parí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá aṣòfin sọ á ti pẹ́ jù. Ìgbìmọ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ ní 1998, nínú ẹjọ́ tí Media Rights Agenda pe Nàìjíríà, pé ìdènà kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀tọ́ gan-an di òfìfo. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà tí wọ́n fi dá ẹjọ́ yẹn jẹ́ ara òfin wa láti 1983.

Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí olùjẹ́jọ́ fi ẹ̀bẹ̀ kejì kún un, pé tí ilé-ẹjọ́ bá rò pé ó yẹ kí àṣẹ kan wà, kó fi mọ sí àdúgbò tí rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀, fún ọjọ́ méje. Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àríyànjiyàn wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹnu ara wọn gbé e síwájú. Tí adájọ́ bá béèrè, kí wọ́n dáhùn tààrà, kí wọ́n sì padà sórí ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ fi ṣe gbólóhùn ìparí rẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́, kó parí síbi tí ìjọba kò ti ní èsì: ìwé ìbúra tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àti abala 83 tí ẹnikẹ́ni kò lò.