Àwùjọ orí WhatsApp: ta ló lè wọlé, ibo ló sì lè dé?

Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni WhatsApp gbé Communities jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé gúrúùpù ńlá kan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwùjọ yìí dà bí agbo ilé: àwọn gúrúùpù ni yàrá inú rẹ̀, gúrúùpù ìkéde sì ni àgbàlá tí gbogbo ará ilé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó ń gbé ninu agbo ilé tí kò sí ní àgbàlá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo yàrá lèèyàn ń wọ̀.

Ká fi ẹgbẹ́ aládìrẹ kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Gúrúùpù mẹ́ta ni wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀: ti àwọn tó ń rẹ aṣọ, èèyàn 120, ti àwọn tó ń tà á ní Ọjà Ọba, èèyàn 85, àti ti ìgbìmọ̀, èèyàn 9. Ọgbọ̀n nínú àwọn tó ń rẹ aṣọ ló ń tà á pẹ̀lú, àwọn ìgbìmọ̀ sì ti wà nínú ọ̀kan tàbí èkejì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ dá àwùjọ sílẹ̀, ó sì so gúrúùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Lójú ẹsẹ̀ ni gúrúùpù ìkéde á ti wà láìjẹ́ pé ó dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ọmọ gúrúùpù wọ̀nyẹn á sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà ní gúrúùpù méjì kì í di èèyàn méjì, nítorí náà èèyàn 175 ni yóò wà níbẹ̀, kì í ṣe 214.

Àwọn ádímíìnì àwùjọ nìkan ló lè gbé ìkéde síbẹ̀. Tí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé ìpàdé lórí ìmúra ọdún Ọ̀ṣun oṣù Kẹjọ yóò wáyé lọ́jọ́ Sátidé, ìkéde náà kò ní sọnù sábẹ́ “ẹ kú àárọ̀” ogójì. Láti ọdún 2024, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè fèsì, àmọ́ abẹ́ ìkéde náà gan-an ni èsì ń kó jọ sí. Nọ́ńbà fóònù pàápàá kì í hàn ní gúrúùpù ìkéde, àfi fún ádímíìnì àti ẹni tó ti fi nọ́ńbà náà pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ààbò yìí kò dé inú yàrá o: ẹni tó bá wọ gúrúùpù àwọn ọlọ́jà, gbogbo ọlọ́jà ibẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni gúrúùpù ìgbìmọ̀. Bó ṣe di ara àwùjọ, orúkọ rẹ̀ lè hàn nínú àtòjọ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rí. Tí wọn kò bá tan “Approve new members” nínú ètò gúrúùpù náà, aláṣọ kan ní Òkè-Fíà lè tẹ̀ ẹ́ kó sì wọlé wẹ́rẹ́, láìtọrọ àyè. Kò ní rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ kó tó dé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn náà lójú rẹ̀ ni. Àmì tí ìgbìmọ̀ fi ń mọ̀ ni kí iye èèyàn kúrò ní 9, kó di 10, kí gúrúùpù sì kọ ọ́ pé ẹnìkan wọlé. Tí wọ́n bá ti tan ètò yẹn ṣáájú, ìbéèrè ni yóò dé ọ̀dọ̀ ádímíìnì gúrúùpù náà, òun ni yóò sì gbà tàbí kọ̀. Lójú tèmi, ẹ má so gúrúùpù ìgbìmọ̀ mọ́ àwùjọ rárá. Kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, nígbà tí ìkéde ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́nà mìíràn?

Ẹni tí kò sí ní gúrúùpù kankan náà lè wọlé. Ádímíìnì lè fi í kún un, tàbí kó fún un ní líǹkì àwùjọ. Líǹkì yẹn máa ń gbé e dé gúrúùpù ìkéde. Yàrá tó bá wù ú ló kù kó wọ̀ tàbí kó béèrè láti wọ̀. Líǹkì gúrúùpù kan ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọ gúrúùpù ọlọ́jà ti di ọmọ àwùjọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí líǹkì tí ẹnìkan lẹ̀ mọ́ ojú ṣọ́ọ̀bù fi lè kó àwọn oníbàárà wá gbọ́ ìkéde owó àjọ.

Àtikúrò kò ṣòro. Ẹni tó bá fi gúrúùpù kan sílẹ̀ ṣì wà nínú àwùjọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àwùjọ sílẹ̀, tàbí tí ádímíìnì àwùjọ bá lé jáde, ti kúrò nínú gbogbo gúrúùpù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹgbẹ́ bá sì tú àwùjọ ká, gúrúùpù ìkéde á di títì pa. Àwọn tó ń rẹ aṣọ àti àwọn ọlọ́jà á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nínú gúrúùpù tiwọn bíi ti tẹ́lẹ̀.