Fífi ìpín eléwu kún ìpín ẹlẹ́rọ̀: ṣé dandan ni kí ewu pọ̀ sí i?

Bí o bá jókòó ti àwọn tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbọ́ ọ: "Ibi tó tutù ni owó mi wà. Bí mo bá fi ìpín elépo yẹn kún un pẹ́nrẹ́n, ewu mi ti pọ̀ sí i nìyẹn." Ó jọ òótọ́. Èrò wọn ni pé bí èrè ìpín kan bá ń mì ní 12%, tí ti èkejì ń mì ní 30%, àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ náà lè rẹlẹ̀ ju 12% lọ, kódà bí ìpín méjèèjì bá sábà ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń já pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ń lọ ìyẹ̀fun. Èrè tí a ń retí lórí ìpín rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 10%, ìyapa òdiwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 12%. Ìyapa òdiwọ̀n ni nọ́ńbà tó ń sọ bí èrè ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń jìnnà tó sí èyí tí a ń retí, ì báà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kejì ń wa epo rọ̀bì: èrè 18%, ìyapa 30%.

Ká sọ pé 84 kọ́bọ̀ nínú náírà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìyẹ̀fun, 16 kọ́bọ̀ wà nínú epo. Ní ti èrè, ìṣirò tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló tọ̀nà: 0.84×10 pẹ̀lú 0.16×18, ìyẹn 11.28%. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á tún ṣe ìṣirò yìí kan náà fún ìyapa, wọ́n á sì rí 14.88%. Ìgbà kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yẹn jẹ́ òótọ́: tí ìpín méjèèjì bá ń jó sí ìlù kan náà láìtàsé rárá, tí òǹkà ìbátan wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí èrè méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀ tó, jẹ́ 1.

Òǹkà ìbátan máa ń wà láàárín −1 sí 1. Fún àwọn méjì wa yìí, ká fi sí 0.2. Ètò ọrọ̀ ajé kan náà ló ń da àwọn méjèèjì láàmú, ìdí nìyẹn tí kò fi lọ sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo rọ̀bì bá wọ́n, elépo á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń da dísù sínú jẹnẹrétọ̀ láti lọ ìyẹ̀fun á máa ná owó sí i. Ìṣirò ìyapa àpapọ̀ nìyí, níbi tí `w` jẹ́ ìdá owó, `s` jẹ́ ìyapa, `r` sì jẹ́ òǹkà ìbátan:

```
s² = (w1·s1)² + (w2·s2)² + 2·(w1·s1)·(w2·s2)·r
```

Ti ìyẹ̀fun: 0.84×12 jẹ́ 10.08, tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 101.61. Ti epo: 0.16×30 jẹ́ 4.8, tó di 23.04. Ti ẹ̀kẹta tó so wọ́n pọ̀: 2×10.08×4.8×0.2, ìyẹn 19.35. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 144, nọ́ńbà tó sì ń sọ ara rẹ̀ di 144 ni 12. Ìyapa ìyẹ̀fun nìkan gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n èrè ti kúrò ní 10% bọ́ sí 11.28%. Bí a bá sì dúró sí 8 kọ́bọ̀ péré nínú epo, ìyapa á já sí 11.76%, èrè á jẹ́ 10.64%. Ibẹ̀ ló ti rẹlẹ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ó tún ń gòkè, tí epo bá sì ti kọjá 16 kọ́bọ̀, ewu ti pọ̀ ju ti ìyẹ̀fun nìkan lọ.

Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n láìlo ìṣirò gígùn: fi ìyapa tó tóbi pín èyí tó kéré. 12 sí 30 jẹ́ 0.4. Bí òǹkà ìbátan bá wà lábẹ́ 0.4, ìwọ̀nba ìpín eléwu á dín ewu kù. Bó bá tó 0.4 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ṣọ́ra, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan epo, tọ̀nà: kọ́bọ̀ kan péré nínú epo á dá kún ewu rẹ̀.

Nítorí náà, òǹkà ìbátan ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe wọ́pọ̀ sí jù lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ń kó iye owó ìpín méjèèjì ní oṣooṣù sínú àṣẹ Excel tó ń ṣírò rẹ̀, `=CORREL(B2:B61,C2:C61)`. Ohun tó yẹ kó wà nínú àwọn àpótí yẹn ni èrè oṣù kọ̀ọ̀kan: fi iye oṣù tó kọjá pín ti oṣù yìí, kí o sì yọ 1 kúrò. Nílùú tí ọjà ti ń wọ́n lọ́dọọdún, iye ìpín tí kò mọra rí á jọ máa gòkè, `CORREL` á sì sọ fún ọ pé 0.9 ni wọ́n, nígbà tí èrè wọn lè má bára tan rárá.

Nọ́ńbà yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n àpapọ̀ ọjà ìpín Nàìjíríà lé ní 66,000. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà ní nǹkan bí 31,000. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń tà lẹ́ẹ̀kan náà láti san gbèsè tí wọ́n fi ra ìpín, àwọn ìpín á jọ máa já, òǹkà ìbátan wọn á sì gòkè; ẹni tó fi òǹkà ìbátan 0.2 ti ìgbà tó dára ṣírò ìyapa tirẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ kéré jù.