Orúkọ Pọ́ọ̀lù lórí lẹ́tà sí Tímótíù àti Títù: ìdí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Bíbélì fi ń ṣiyèméjì

Bí ẹnì kan bá sọ ní kíláàsì Bíbélì pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ Pọ́ọ̀lù ló kọ Tímótíù Kìíní, Tímótíù Kejì àti Títù, èsì tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé aláìgbàgbọ́ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣebí orúkọ Pọ́ọ̀lù ló wà ní ìlà àkọ́kọ́? Kí la tún ń wá? Mo mọ ibi tí èsì yẹn ti ń wá, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ Ìwé Mímọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ọkùnrin tí ìwé rẹ̀ gbé àríyànjiyàn yìí dìde ní 1807, Friedrich Schleiermacher ará Jámánì, oníwàásù ni, àwọn ọmọ ìjọ sì ń gbọ́ ìwàásù lẹ́nu rẹ̀. Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Tímótíù Kìíní ló gbé yẹ̀ wò, tó sì rí i pé kò jọ ti Pọ́ọ̀lù. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àwọn mìíràn rí i pé ohun tó sọ nípa lẹ́tà kan yẹn kan àwọn méjì tó kù náà.

Ní ti orúkọ tó wà lókè lẹ́tà, Májẹ̀mú Tuntun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí. Nínú Tẹsalóníkà Kejì orí 2, wọ́n kìlọ̀ fún ìjọ pé kí ọkàn wọn má ṣe dàrú nítorí lẹ́tà kan tí wọ́n á ní ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì ló ti wá. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ọdún 200, Tẹtúlíánì, òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbà náà, sọ ìtàn alàgbà kan ní Éṣíà tó kọ ìwé kan ní orúkọ Pọ́ọ̀lù. Nígbà tí àṣírí tú, ó jẹ́wọ́ pé nítorí ìfẹ́ tí òun ní sí Pọ́ọ̀lù ni òun ṣe kọ ọ́. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn yìí wúlò lápá méjì. Ó fi hàn pé àwọn Kristẹni ìgbà náà ń kọ ìwé lórúkọ àpọ́sítélì ní tòótọ́, àní láìní èrò ibi lọ́kàn. Ó sì tún fi hàn pé irọ́ ni ohun tí àwọn kan fi ń tu ara wọn nínú, pé láyé ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn lẹ́tà náà fúnra wọn. Ìrìn àjò ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí ẹnikẹ́ni tó ní Bíbélì lọ́wọ́ lè tọ ipa rẹ̀ láìgbọ́ Gíríìkì. Ní Tímótíù Kìíní 1:3, Pọ́ọ̀lù sọ pé nígbà tí òun ń lọ sí Makedóníà, òun rọ Tímótíù kó dúró sí Éfésù. Ẹ wá ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ẹsẹ 22. Níbẹ̀, Tímótíù ni Pọ́ọ̀lù rán ṣáájú lọ sí Makedóníà, òun fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù náà dé Makedóníà tó ń kọ Kọ́ríńtì Kejì, orúkọ Tímótíù wà pẹ̀lú tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Tímótíù kò sí ní Éfésù nígbà náà.

Ẹ tún wo Tímótíù Kejì 4:20, níbi tó ti sọ pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nítorí àìsàn. Nínú Ìṣe, Pọ́ọ̀lù gba Mílétù kọjá lóòótọ́ nígbà tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, Tírófímù sì wà lára àwọn tó bá a rìn. Ṣùgbọ́n Tírófímù kò dúró ní Mílétù. Ó dé Jerúsálẹ́mù, àní nítorí pé àwọn Júù rí i pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù nínú ìlú ni rògbòdìyàn orí 21 fi bẹ́ sílẹ̀. Ti Kírétè náà rèé: Títù 1:5 sọ pé Pọ́ọ̀lù fi Títù sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè máa tún ìjọ ṣe. Nínú Ìṣe, ìgbà kan ṣoṣo tí a rí Pọ́ọ̀lù ní Kírétè, ẹlẹ́wọ̀n ni, inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ sí Róòmù ló wà.

Àwọn tó ń gbèjà pé Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ ní ìdáhùn sí èyí, ìdáhùn náà kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní Ìṣe parí nígbà tí Pọ́ọ̀lù ṣì wà ní àtìmọ́lé ní Róòmù, pé wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà sí ìhà ìlà oòrùn, kí wọ́n tó tún mú un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dá àwọn ọ̀mọ̀wé dúró ni pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé iṣẹ́ òun ti parí ní agbègbè ìlà oòrùn, Sípéènì ni òun ń lọ. Ìṣe orí 20 sì sọ pé ó sọ fún àwọn alàgbà Éfésù pé wọn kò ní rí ojú òun mọ́, wọ́n sì sunkún. Kí ìrìn àjò inú àwọn lẹ́tà mẹ́ta yìí tó lè ṣeé ṣe, a ní láti gbà pé ètò yẹn yí padà, kí a sì fi kún ìtàn ayé Pọ́ọ̀lù ní apá kan tí Ìṣe kò sọ.

Bó bá jẹ́ ìrìn àjò nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó nǹkan. Èdè ló mú un le. Ní 1921, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, P. N. Harrison, jókòó, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá yọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kúrò, oríṣi ọ̀rọ̀ 848 ló wà níbẹ̀. Nínú wọn, 306 kò sí nínú èyíkéyìí nínú lẹ́tà mẹ́wàá yòókù tó ń jẹ́ orúkọ Pọ́ọ̀lù. Ó ju ìdá mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa pè ní ìwà-bí-Ọlọ́run, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló wà nínú àwọn mẹ́ta yìí, kò sì sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá yòókù. Gbólóhùn náà “Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà”, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí láti Tímótíù Kìíní 1:15, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló fara hàn níbí, kò sì sí níbòmíràn nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ bí ohun tí à ń sọ bá yàtọ̀, òótọ́ sì ni. Bí ènìyàn bá ń kọ̀wé nípa yíyan bíṣọ́ọ̀bù, ó di dandan kó lo ọ̀rọ̀ tí kò lò nígbà tó ń jiyàn lórí ìkọlà. Ìdí nìyí tí kíka ọ̀rọ̀ ńlá nìkan kò fi tó. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ṣòro láti ṣàlàyé, àwọn tí ẹni tó ń kọ̀wé kì í rò kó tó lò wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì ni Gíríìkì ní fún “pẹ̀lú”. Nínú àwọn lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé lórí, bíi Róòmù àti Kọ́ríńtì, Pọ́ọ̀lù ń lo méjèèjì. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Èkejì kò jáde rárá. Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tí Pọ́ọ̀lù máa ń fi wọ inú ìparí àríyànjiyàn, “nítorí náà”, “ǹjẹ́ nígbà náà”, díẹ̀ nínú wọn ló ti pòórá.

Èsì tí wọ́n máa ń fún èyí ni ti akọ̀wé. Tẹ́tíù ló fi ọwọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, ó sì kí wọn fúnra rẹ̀ ní orí 16. Bóyá Lúùkù ló kọ ti Tímótíù, nítorí Tímótíù Kejì 4:11 sọ pé òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù. Èmi gbà pé àlàyé yìí ni ó dára jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Síbẹ̀ Róòmù, tí a mọ̀ dájú pé akọ̀wé kọ, ohùn Pọ́ọ̀lù ló ń dún níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Akọ̀wé tó bá sì yí ọ̀rọ̀ padà tó báyìí, tó tún yí ìmọ̀ràn fún ìjọ padà, ó ti kúrò ní akọ̀wé, ó ti di òǹkọ̀wé.

Mo sọ pé ìmọ̀ràn fún ìjọ yí padà. Ẹ wo ti àwọn opó. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7, Pọ́ọ̀lù fẹ́ kí opó wà bí òun ti wà, láìṣe ìgbéyàwó. Ó gbà pé ó lè fẹ́ ọkọ mìíràn, pàápàá bí kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ṣùgbọ́n ó ní ayọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù bó bá dá wà. Ìdí tó fún ìmọ̀ràn orí náà ni pé àkókò kúrú. Ó ń retí kí Olúwa dé láìpẹ́. Nínú Tímótíù Kìíní orí 5, ìwé orúkọ opó ti wà nínú ìjọ, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ 60 ọdún kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ìmọ̀ràn fún àwọn opó tó ṣì kéré sì ni pé kí wọ́n lọ́kọ, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n máa ṣàkóso ilé. Ìmọ̀ràn méjèèjì kò ta kora pátápátá. Ṣùgbọ́n èkejì ń sọ̀rọ̀ sí ìjọ tó ti mọ̀ pé òun á pẹ́ láyé: ó ní bíṣọ́ọ̀bù, ó ní díákónì, ó ní owó tí ó ń fi bọ́ opó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìran tó ń bọ̀. Ìran lẹ́yìn ikú Pọ́ọ̀lù ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ìjọ tó dàgbà tó báyìí wà.

Ẹ̀rí láti ìta kò pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 140, àkójọ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù tí Mákíónì, olùkọ́ kan tí ìjọ kà sí aládàámọ̀, ní lọ́wọ́ jẹ́ mẹ́wàá, àwọn mẹ́ta yìí kò sí níbẹ̀. Tẹtúlíánì ní ńṣe ló kọ̀ wọ́n; ó lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 180, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Írẹ́níọ́sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú wọn gẹ́gẹ́ bíi ti Pọ́ọ̀lù láìsí iyèméjì kankan. Ẹ̀rí yìí kò gbè sí apá kankan tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé gbogbo ẹrù lé e.

Ẹni tó bá wá sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn gbangba pé Pọ́ọ̀lù kọ́ ló kọ wọ́n, òun náà ti sọ àsọdùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ Gíríìkì dáadáa ṣì wà tí wọ́n gbà pé Pọ́ọ̀lù ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba nínú iyèméjì yìí. Tímótíù Kìíní, tí Schleiermacher bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ni iyèméjì pọ̀ lé lórí jù. Tímótíù Kejì yàtọ̀: kò sọ nǹkan kan nípa yíyan bíṣọ́ọ̀bù tàbí ìwé orúkọ opó, ọ̀rọ̀ ara ẹni ló sì pọ̀ nínú rẹ̀, títí dórí aṣọ òtútù tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kápù ní Tíróásì. Àwọn kan nínú àwọn tí kò gbà pé Pọ́ọ̀lù ló kọ méjì yòókù gbà pé òun ló kọ èyí. Harrison fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kà, gbà pé lẹ́tà kúkúrú kúkúrú tí Pọ́ọ̀lù kọ ní tòótọ́ wà nínú rẹ̀, tí ẹlòmíràn wá hun mọ́ tirẹ̀.