Ẹgbẹ̀rún líǹkì tí wọ́n ń tà fún yín kò lè gbé ìkànnì yín sókè

Bí ẹ bá ní ìkànnì, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ ó ti gba irú ímeèlì yìí rí: "A ó fún yín ní ẹgbẹ̀rún líǹkì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó sì bọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ lórí Google." Àwọn oníṣòwò tí mo mọ̀ ti sanwó fún un, nítorí wọ́n gbà pé bí ìbò ni líǹkì rí: ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé. Ó máa ń dùn mí, torí pé líǹkì ò fìgbà kankan rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin, àwọn tó dá Google sílẹ̀, ṣàlàyé PageRank, ọ̀nà tí wọ́n fi ń díwọ̀n iyì ojú ewé, ní Yunifásítì Stanford, wọn ò kàn ka iye líǹkì. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní iyì tó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ka sí i, iyì yìí ló sì ń pín fún àwọn tí òun náà bá tọ́ka sí. Tó bá tọ́ka sí ibi márùn-ún, ìdá kan nínú márùn-ún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ojú ewé tí wọ́n ṣe láti fi ta líǹkì, tí èèyàn gidi kankan ò tọ́ka sí, kí ló ní tó fẹ́ pín?

Lóòótọ́, ẹ̀tàn ti jẹ rí. Ní February 2011, New York Times tú u síta pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì tó ń tọ́ka sí ilé ìtajà J. C. Penney ní Amẹ́ríkà wà lórí àwọn ìkànnì tí kò bá ọjà rẹ̀ tan rárá. Google já a wálẹ̀ kíákíá láti òkè àbájáde ìwákiri. Ní April 2012 ni wọ́n gbé ètò kan tó ń jẹ́ Penguin jáde láti máa mú irú líǹkì bẹ́ẹ̀. Láti 2016, ohun tí Penguin sábà máa ń ṣe ni pé kò ní ka líǹkì ọ̀hún sí rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rà á kì í fi í mọ̀ pé owó òun ti wọgbó. Bí ìyà bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí "Unnatural links to your site" lábẹ́ "Manual actions" nínú Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì.

Báwo wá ni líǹkì tòótọ́ ṣe ń wá? Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta gàrí n'Ìbàdàn. Ó ní ohun tí àwọn akọ̀ròyìn ń wá kiri: iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà. Ní gbogbo Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó lọ sí Bódìjà, Ọjà Ọba àti Òjòó, ó sì bi èèyàn márùn-ún ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí o: kóńgò kan ò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ẹnì kan á wọ̀n ọ́n kó ga téńté, ẹlòmíràn á lo èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Nítorí náà, ó ra kóńgò kọ̀ọ̀kan, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì ṣírò iye owó kílò kan. Ó kọ ọjọ́, ọjà àti bó ṣe wọ̀n ọ́n sórí ìkànnì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí òjò ò jẹ́ kó lọ, ó fi í sílẹ̀ lófìfo, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá àwọn tó ti kọ̀wé lórí ọ̀wọ́n oúnjẹ tí iye inú ìwé wọn ti pẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ló kọ ímeèlì sí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí gàrí. Iye tó wà níbẹ̀ ti lé lọ́dún kan. Mo ti wọn gàrí ní ọjà mẹ́ta n'Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Iye rẹ̀ àti bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Bó bá wúlò fún yín, ẹ lò ó."

Kò ṣèlérí owó, kò sì ní "ẹ fi tèmi sí tiyín, kí n fi tiyín sí tèmi." Bí wọn ò bá dáhùn, ó rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n líǹkì kan láti inú ìròyìn tí àwọn èèyàn ń kà ju ẹgbẹ̀rún tí wọ́n rà lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sanwó fún ìpolówó lè ṣe é, kí ó ṣáà jẹ́ pé wọ́n fi àmì sí líǹkì náà:

```html
<a href="https://example.com/gari" rel="sponsored">Gàrí</a>
```

Google kì í sábà ka irú èyí mọ́ ẹ̀rí, àmọ́ kò ní fi jẹ yín níyà.

Ohun kan tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí obìnrin yìí ṣí ojú ewé tuntun ní gbogbo oṣù, kó sì pa ti àná rẹ́. Àwọn líǹkì tó ti rí gbà á máa já sí òfìfo. Àdírẹ́sì kan náà ni kó máa fi iye tuntun kún.